Bí Sílábọ́ọ̀sì Sitatísítíìkì Ṣe Ń Ṣiṣẹ́: Ọ̀sẹ̀ Mẹ́tàlá, Ọgọ́rùn-ún Máàkì

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sẹ̀mẹ́sítà, olùkọ́ máa ń pín ìwé pélébé kan fún kíláàsì. Ohun tí wọn yóò kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, iye máàkì tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé sì wà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n á wo ọjọ́ tẹ́ẹ̀sì, wọ́n á wo iye tí ìdánwò àṣekágbá gbé, wọ́n á sì ká a há inú ìwé. Bẹ́ẹ̀, fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, ìwé yẹn ti sọ ibi tí kóòsì náà ti máa le, ó sì ti sọ bóyá olùkọ́ tó ṣe é mọ ibẹ̀.

Kóòsì ìbẹ̀rẹ̀ sitatísítíìkì ti ipele 100 ní yunifásítì Nàìjíríà ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní STA 111. Kì í ṣe àwọn tó fẹ́ di oníṣirò nìkan ló ń ṣe irú kóòsì yìí. Àwọn tó ń kọ́ nípa ọrọ̀ ajé, iṣẹ́ àgbẹ̀, ìmọ̀ ẹ̀dá àti ìmọ̀ àwùjọ náà máa ń jókòó sínú rẹ̀. Nínú ìlànà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2023, NUC ló ń ṣètò 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yóò kọ́, yunifásítì fúnra rẹ̀ ló sì ń fi 30 tó kù kún un. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ yóò ṣe to ọ̀sẹ̀ tẹ̀ léra, àti ibi tí yóò fi máàkì sí, ọwọ́ rẹ̀ ló wà jù.

Kóòsì oníyúnìtì 3 jẹ́ wákàtí 3 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15, ìyẹn wákàtí 45 lórí ìwé. Bí a bá yọ ọ̀sẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń forúkọ sílẹ̀ kúrò, tí a sì yọ ti àtúnyẹ̀wò, ọ̀sẹ̀ 13 ló kù láti fi kọ́ni, wákàtí 39. Sílábọ́ọ̀sì tó bá to ohun ọ̀sẹ̀ 15 jọ láìyọ ohunkóhun kò ní parí, ẹni tí yóò sì jẹ gbèsè rẹ̀ ni àwọn ẹ̀kọ́ tó wà ní ìparí. A óò rí i pé àwọn wọ̀nyẹn gan-an ló jẹ́ èrè kóòsì náà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo la máa gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: èló ni akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ń san lówó ọkọ̀ lójúmọ́ kó tó dé kíláàsì?

Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2 jẹ́ ti bí a ṣe ń kó ìsọfúnni jọ. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń béèrè nípa wọn ni a ó pè ní agbo; àwọn ìwọ̀nba tí a bi léèrè ni àṣàyàn. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ dúró sí gáréèjì tó wà lẹ́nu géètì, ó sì bi ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Iye ènìyàn tó bi pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí kíláàsì, kò sí lára wọn rárá. Owó ọkọ̀ tiwọn jẹ́ òdo. Èsì tí yóò mú bọ̀ á ga ju òtítọ́ lọ, bó bá sì padà lọ bi ẹgbẹ̀rún ènìyàn sí i níbẹ̀, àṣìṣe náà á ṣì wà bó ṣe wà.

Ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà ṣe irú àṣìṣe yìí ní 1936. Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ènìyàn lórí ìdìbò ààrẹ, èyí tó ju mílíọ̀nù 2 lọ nínú wọn fèsì, wọ́n sì kéde pé Landon ni yóò wọlé. Roosevelt ló wọlé, pẹ̀lú nǹkan bí ìbò 61 nínú ọgọ́rùn-ún. Orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti àwọn tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fi ṣa ènìyàn, ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ tálákà kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tó fèsì kò jọ àwọn tó dákẹ́. Mo máa ń fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ 2 gba wákàtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ pé, nítorí kò sí fọ́múlà kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó lè tún àṣàyàn tó wọ́ ṣe.

Ọ̀sẹ̀ 3 jẹ́ ti tábìlì àti àwòrán, kò sì yẹ kó pẹ́. Ọ̀sẹ̀ 4 jẹ́ ti ìpíndọ́gba, iye àárín àti iye tó wọ́pọ̀ jù. Gbogbo ẹni tó bá ṣe ìṣirò WAEC ló ti pàdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, olùkọ́ tó bá lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí fọ́múlà iye tó wọ́pọ̀ jù nínú tábìlì oníkíláàsì ti fi àkókò ṣòfò. Ohun tí kíláàsì kò tíì mọ̀ ni ìgbà tó yẹ kí wọ́n lo èyí tàbí ìyẹn. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ń san ₦200, ₦300, ₦300, ₦400 àti ₦2,300. Ẹni ìkẹyìn yẹn ń ti ìlú mìíràn wá. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ ₦700, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ń san ohun tó sún mọ́ ọn. Iye àárín jẹ́ ₦300, èyí sì jọ òótọ́ mẹ́rin nínú wọn. Bó bá jẹ́ pé yunifásítì fẹ́ mọ iye owó tí yóò ná láti ru owó ọkọ̀ gbogbo wọn, ìpíndọ́gba ló máa lò, nítorí òun ni a lè fi iye ènìyàn sọ di púpọ̀ kó fún wa ní àpapọ̀. Bó bá sì fẹ́ mọ ohun tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ kan ń rí, iye àárín ló dára.

Ọ̀sẹ̀ 5 ni a ti ń wọn ìfọ́nká, ìyẹn bí àwọn iye ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba wọn. Ẹ mú owó ọkọ̀ 200, 300, 400, 500 àti 600. Ìpíndọ́gba jẹ́ 400. Ìjìnnà wọn sí i jẹ́ −200, −100, 0, 100, 200. Bí a bá rò wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, òdo ni, ìdí nìyẹn tí a fi kọ́kọ́ ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ nípa ara rẹ̀: 40,000, 10,000, 0, 10,000, 40,000. Àpapọ̀ jẹ́ 100,000. Ibí yìí ni ìbéèrè tí kíláàsì máa ń bi olùkọ́ lọ́dọọdún ti ń wá: ṣé 5 la ó fi pín in ni àbí 4?

Bó bá jẹ́ pé àwọn márùn-ún yìí ni gbogbo agbo, 5 ni. Bó bá jẹ́ àṣàyàn láti inú agbo tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, 4 ni. Ìdí rẹ̀ ni pé a kò mọ ìpíndọ́gba agbo, ìpíndọ́gba àwọn márùn-ún fúnra wọn la fi rọ́pò rẹ̀, kò sì sí iye mìíràn tí wọ́n sún mọ́ tó o. Ìfọ́nká tí a wọ̀n bẹ́ẹ̀ máa ń kéré ju bó ṣe yẹ lọ, pípín pẹ̀lú 4 ló ń gbé e sókè díẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ló yà wọ́n sọ́tọ̀:

```
=STDEV.S(A1:A5)
=STDEV.P(A1:A5)
```

Lẹ́yìn pípín yẹn, wọ́n á wá gbòǹgbò onílọ́po-méjì ohun tó jáde: ti àkọ́kọ́ yóò fún wa ní 158.1, ti èkejì yóò fún wa ní 141.4. Akẹ́kọ̀ọ́ tí iye rẹ̀ bá ta ko ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú asáínmẹ́ǹtì, ibí yìí ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ kákúlétọ̀ náà ní bọ́tìnnì méjì fún un.

Tẹ́ẹ̀sì kìíní wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ 6. Lẹ́yìn rẹ̀, ìṣeéṣe gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 8: òfin ìṣeéṣe, lẹ́yìn náà iye ìgbà tí ohun kan máa ṣẹlẹ̀ nínú iye ìgbìyànjú kan, lẹ́yìn náà ìlà onírìísí agogo. Níbí ni ọ̀pọ̀ sílábọ́ọ̀sì ti ń ṣìnà. Olùkọ́ á wọnú ìṣirò bọ́ọ̀lù pupa àti dúdú nínú àpò, á wọnú káàdì 52, á wọnú bí ènìyàn méje ṣe lè jókòó sórí àga méje, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á sì di márùn-ún. Àwọn nǹkan yẹn dára, kóòsì mìíràn sì wà fún wọn. Níhìn-ín, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìṣeéṣe wá ṣe: láti mú wa dé ọ̀sẹ̀ 9.

Ọ̀sẹ̀ 9 ni gbogbo kóòsì so kọ́. Bí kò bá yé kíláàsì, ọ̀sẹ̀ 10 àti 11 á di fọ́múlà tí wọ́n há sórí. Orúkọ tó ní nínú ọ̀pọ̀ sílábọ́ọ̀sì máa ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò le: bí mo bá ṣa ènìyàn, tí mo wá ìpíndọ́gba wọn, tí ẹlòmíràn náà sì ṣa tirẹ̀, iye wa kò ní dọ́gba. Báwo ni àwọn ìpíndọ́gba wọ̀nyí ṣe ń fọ́n ká?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn márùn-ún tó ń san 200, 300, 400, 500 àti 600, ká sì gbà pé àwọn nìkan ni agbo. Bí a bá ń ṣa ènìyàn méjì méjì, ọ̀nà mẹ́wàá péré ló wà, a sì lè kọ gbogbo rẹ̀ sórí pátákó. Ẹni 200 àti ẹni 300, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 250. Ẹni 200 àti ẹni 400, ó jẹ́ 300. Bí a bá ṣe é tán, àwọn ìpíndọ́gba mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni 250, 300, 350, 350, 400, 400, 450, 450, 500 àti 550.

Kí kíláàsì wá wo ohun mẹ́ta lórí pátákó yẹn. Àkọ́kọ́, bí a bá ro mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, 4,000 ni. A pín in sí mẹ́wàá, ó jẹ́ 400, òun gan-an sì ni ìpíndọ́gba agbo. Àṣàyàn kan lè ṣì í sókè tàbí sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tẹ̀ sí ibì kan. Èkejì, nínú àwọn ènìyàn márùn-ún, ẹnì kan péré ni owó rẹ̀ wà láàárín 350 sí 450. Nínú àwọn ìpíndọ́gba mẹ́wàá, mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ìpíndọ́gba máa ń kóra jọ sí àárín ju àwọn ènìyàn fúnra wọn lọ. Ẹ̀kẹta, bí a bá ń ṣa mẹ́ta mẹ́ta dípò méjì méjì, èyí tó kéré jù á kúrò ní 250, á di 300, èyí tó ga jù á sì kúrò ní 550, á di 500. Bí àṣàyàn ṣe ń pọ̀ ni wọ́n ń kóra jọ sí i.

Bí agbo bá tóbi gan-an, ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí wọ́n ṣe kóra jọ ni σ/√n: ìfọ́nká agbo, tí a pín pẹ̀lú gbòǹgbò onílọ́po-méjì iye ẹni tí a ṣà. Gbòǹgbò yìí kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò. Ẹni tó bá fẹ́ kí àṣìṣe rẹ̀ dín kù sí ìdajì kò ní ṣa ènìyàn ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni yóò ṣà. Àwọn tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí kí wọ́n tó jáde nílé.

Báwo ni olùkọ́ ṣe máa mọ̀ bóyá ó yé wọn? Ìdí tí tẹ́ẹ̀sì kejì fi wà ní ọ̀sẹ̀ 10 nìyí, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ 12 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í sí. Ìbéèrè méjì ló tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ká ní ìpíndọ́gba owó ọkọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan jẹ́ ₦400, ìfọ́nká rẹ̀ jẹ́ ₦120, owó náà sì tẹ̀ lé ìlà onírìísí agogo. Èkíní: kí ni ìṣeéṣe pé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a ṣà yóò máa san ju ₦440 lọ? Èkejì: kí ni ìṣeéṣe pé ìpíndọ́gba akẹ́kọ̀ọ́ 36 tí a ṣà yóò ju ₦440 lọ?

Fún èkíní, 40 nínú 120 jẹ́ 0.33, tábìlì yóò sì fún wa ní nǹkan bí 0.37, ó ju ẹyọ kan nínú mẹ́ta lọ. Fún èkejì, a kọ́kọ́ pín 120 pẹ̀lú gbòǹgbò 36, ìyẹn 6, ó di 20. 40 nínú 20 jẹ́ 2, tábìlì yóò sì fún wa ní nǹkan bí 0.023, kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ìdáhùn kan náà fún méjèèjì kò tíì rí ìyàtọ̀ láàárín ẹnì kan àti ìpíndọ́gba. Èyí tó bá fi 6 pín nínú méjèèjì ti há fọ́múlà sórí. Bí irú àwọn wọ̀nyí bá pọ̀ nínú kíláàsì, kí olùkọ́ padà sórí pátákó lọ kọ mẹ́wàá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì wà níwájú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 10 fúnra rẹ̀ kọ́ wa bí a ṣe ń sọ èsì pẹ̀lú àlàfo àṣìṣe rẹ̀. A ṣa akẹ́kọ̀ọ́ 36, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ ₦420, a sì fi 120 ṣe ìfọ́nká. 120 pín pẹ̀lú 6 jẹ́ 20. A sọ 20 di púpọ̀ pẹ̀lú 1.96, ó jẹ́ 39.2, nítorí náà a ní àlàfo láti ₦380.80 sí ₦459.20, pẹ̀lú ìdánilójú 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Àṣìkà tó wọ́pọ̀ jù ni pé akẹ́kọ̀ọ́ 95 nínú ọgọ́rùn-ún ń san owó tó wà láàárín méjèèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìfọ́nká owó àwọn ènìyàn jẹ́ 120, wọ́n tàn kálẹ̀ ju àlàfo yẹn lọ dáadáa. Ohun tí 95 ń sọ ni pé bí a bá ń ṣe irú ìṣàyàn yìí léraléra, tí a sì ń ṣe àlàfo tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún àlàfo wọ̀nyẹn ni yóò gba ìpíndọ́gba agbo sínú. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnu géètì ni a ti ṣa àwọn 36 náà, ìdánilójú yẹn kò sí mọ́.

Bí àṣàyàn bá kéré, tí a kò sì mọ ìfọ́nká agbo, 1.96 kéré jù. William Sealy Gosset, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìpọntí Guinness ní Dublin, ló yanjú èyí ní 1908, orúkọ ìnagijẹ tó fi kọ ìwé náà ni Student. Tábìlì t tó wà lẹ́yìn ìwé gbogbo wa, iṣẹ́ rẹ̀ ló bí i.

Ọ̀sẹ̀ 11 yí ìbéèrè yẹn padà. Àwọn awakọ̀ ní ìpíndọ́gba owó ọkọ̀ jẹ́ ₦400. Àwa rí ₦420. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa? Ìyàtọ̀ 20, a pín in pẹ̀lú 20, ó jẹ́ 1. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ, ìyàtọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, sókè tàbí sísàlẹ̀, á máa wáyé ní nǹkan bí ìgbà 32 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò yani lẹ́nu, nítorí náà a kò ní ẹ̀rí láti ta ko wọ́n. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ pé “a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ₦400 ni” yóò pàdánù máàkì, nítorí àlàfo ọ̀sẹ̀ 10 gba 390 àti 450 náà sínú. Àìrí ẹ̀rí lòdì sí ọ̀rọ̀ kan kò sọ ọ̀rọ̀ náà di òótọ́.

Ọ̀sẹ̀ 12 jẹ́ ti bí nǹkan méjì ṣe ń lọ pọ̀, bí ìjìnnà ilé àti owó ọkọ̀, àti bí a ṣe ń fa ìlà tó tọ́ gba àárín wọn kọjá. Ọ̀sẹ̀ 13 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé iṣẹ́ ìwádìí wọn kalẹ̀.

Ó kan máàkì. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, iṣẹ́ inú sẹ̀mẹ́sítà máa ń gbé 30 tàbí 40, ìdánwò àṣekágbá máa ń gbé 70 tàbí 60. Nínú sílábọ́ọ̀sì tí mò ń ṣàlàyé yìí, asáínmẹ́ǹtì gbé 10, tẹ́ẹ̀sì kìíní 10, tẹ́ẹ̀sì kejì 10, iṣẹ́ ìwádìí 10, ìdánwò àṣekágbá 60. Wíwá sí kíláàsì kò ní máàkì, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá wá tó 75 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní ẹ̀tọ́ láti jókòó ṣe ìdánwò.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìṣirò kékeré mọ ibi tó wà kí ìdánwò tó dé. Ká ní ó gba 8 nínú asáínmẹ́ǹtì, 5 nínú tẹ́ẹ̀sì kìíní, 4 nínú èkejì, 7 nínú iṣẹ́ ìwádìí: 24 nínú 40. Láti gba C, tó bẹ̀rẹ̀ láti 50, ó kù 26 nínú 60, ìyẹn nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti gba B, ó kù 36, ìyẹn 60 nínú ọgọ́rùn-ún gééré. Láti gba A, ó kù 46, ìyẹn nǹkan bí 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó gba 4 nínú tẹ́ẹ̀sì kejì tó sì ń retí 77 gbọ́dọ̀ padà sí ọ̀sẹ̀ 9 kó tó ṣí ìwé síbòmíràn.

Ṣùgbọ́n máàkì tí a kọ sórí ìwé kì í ṣe òun ló máa ń pinnu ipò akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 5 ló sì fún wa ní irinṣẹ́ tí a fi lè rí èyí. Ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Nínú asáínmẹ́ǹtì, wọ́n gba 9, 9, 8, 9 àti 10 nínú 10. Nínú ìdánwò, wọ́n gba 20, 28, 35, 41 àti 51 nínú 60. Lórí ìwé, ìdánwò wúwo ju asáínmẹ́ǹtì lọ ní ìlọ́po 6. Ẹ wá wọn ìfọ́nká wọn. Asáínmẹ́ǹtì: ìpíndọ́gba 9, ìfọ́nká nǹkan bí 0.71. Ìdánwò: ìpíndọ́gba 35, ìfọ́nká nǹkan bí 11.9. Èkejì ju èkíní lọ ní ìlọ́po bíi 17. Asáínmẹ́ǹtì fi nǹkan bí máàkì 9 kún ti gbogbo wọn, kò sì ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ẹni tó ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀ àti ẹni tó dà á kọ nínú WhatsApp gba ohun kan náà.

Èyí ló fà á tí mi ò fi fara mọ́ fífi 20 tàbí 25 sórí asáínmẹ́ǹtì ní kíláàsì tó ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn, tí olùkọ́ kan ṣoṣo ń máàkì. Máàkì yẹn yóò dà bí ẹ̀bùn fún gbogbo ènìyàn, ìdánwò nìkan ni yóò sì máa pinnu ipò. Iṣẹ́ ìwádìí dára jù ú lọ, nítorí kò rọrùn láti dà á kọ: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè ìbéèrè tirẹ̀, wọ́n ń ṣa ènìyàn tiwọn. Bí mo bá fẹ́ pín 10 rẹ̀, màá fi 4 sórí bí wọ́n ṣe ṣa ènìyàn, 3 sórí àlàfo àti ìtumọ̀ rẹ̀, 2 sórí tábìlì àti àwòrán, 1 sórí bí ìwé náà ṣe mọ́ tó. Àwọn tó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rẹ́ wọn nìkan ni wọ́n bi léèrè, tí wọ́n sì ṣàlàyé ibi tí èyí máa tì wọ́n sí, máa gba máàkì ju àwọn tó fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán aláràbarà láìsọ ẹni tí wọ́n bi.

Ìdánwò àṣekágbá náà yẹ kó tẹ̀ lé ibi tí ìwúwo wà. Nínú 60 máàkì rẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ 1 sí 5 má gbà ju 18 lọ, nítorí tẹ́ẹ̀sì kìíní ti gbà wọ́n yẹ̀ wò. Kí ìṣeéṣe gba 12, kí ọ̀sẹ̀ 9 sí 11 gba 24, kí 6 tó kù jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ yẹ ìwé ìdánwò àtijọ́ wò: bí ọ̀pọ̀ máàkì bá wà lórí ìpíndọ́gba tábìlì oníkíláàsì, ohun tí kíláàsì máa kà nìyẹn, ohunkóhun tí sílábọ́ọ̀sì ìbáà wí.

Ó kù ìgbà tí sẹ̀mẹ́sítà bá já. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2020 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, kò sì parí títí di oṣù kejìlá. Ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé padà, wọ́n á sáré, ọ̀sẹ̀ 13 lè di 9. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti òkè, wọ́n á sì dúró níbi tí àkókò bá ti tán. Ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìlà onírìísí agogo, kíláàsì á sì jáde láìdé ọ̀sẹ̀ 9 rárá. Bí ó bá jẹ́ èmi, ọ̀sẹ̀ 1 àti 2 á di ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ 3 àti 4 á di ọ̀kan, nítorí WAEC ti ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 5 á dúró. Ìṣeéṣe mẹ́ta á di méjì, láìsí káàdì, láìsí àga. Ọ̀sẹ̀ 9 á gba ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ pé, bẹ́ẹ̀ náà ni 10 àti 11, tẹ́ẹ̀sì kejì kò sì ní kúrò níbi tó wà. Ọ̀sẹ̀ tó kù jẹ́ ti iṣẹ́ ìwádìí. Ọ̀sẹ̀ 12 á di ìwé tí a pín fún kíláàsì láti kà nílé, ìbéèrè kankan kò sì ní wá láti inú rẹ̀. Máàkì 6 rẹ̀ á lọ bá ọ̀sẹ̀ 9.